Táìlì Ńlá Nìkan Kò Lè Dín Iṣẹ́ Balùwẹ̀ Kù

Ẹni tó bá lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta táìlì ní Orílé Kókà l'Ékòó, tó sọ pé balùwẹ̀ kékeré lòun fẹ́ rà á fún, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ọ: "Màmá, ẹ mú ńlá. Bó bá ṣe tóbi tó ni fífọ̀ rẹ̀ máa ṣe rọrùn tó." Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú. Ojú táìlì dán, iná ti sun ún, omi kì í wọ inú rẹ̀, aṣọ tútù lásán sì lè nù ún mọ́. Ìlà tó wà láàárín táìlì kan àti èkejì, èyí tí wọ́n fi gíráòtù dí, ni ìdọ̀tí fi ṣe ilé. Bí táìlì bá tóbi, ìlà á dín kù, iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì náà á sì dín kù. Ṣùgbọ́n ó níbi tí èrè títóbi mọ, àwọn tó ń tajà kì í sì í fẹnu kan ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó, nítorí kò le rárá. Ká mú apá ibì kan lára ògiri, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Bí a bá lẹ táìlì àtijọ́ oní 15 sí 15 sẹ̀ǹtímítà síbẹ̀, tí a wá na gbogbo ìlà ibẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, gígùn wọn yóò lé díẹ̀ ní mítà 13. Bó bá jẹ́ táìlì oní 25 sí 40, èyí tó pọ̀ jù lọ lára ògiri balùwẹ̀ wa, mítà 6 àbọ̀ ni. Táìlì oní 30 sí 60 yóò jẹ́ mítà 5. Èyí tó tóbi gan-an, oní 60 sí 120, yóò jẹ́ mítà 2 àbọ̀. Ní ìdà kejì, mòsáíìkì kéékèèké tí ẹyọ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀ lọ yóò ní ìlà tó tó mítà 80. Ẹ ò rí i pé nígbà tí a kúrò lórí táìlì àtijọ́ bọ́ sórí oní 25 sí 40, ìlà já sí ìdajì. Ṣùgbọ́n láti orí oní 25 sí 40 dé orí oní 30 sí 60, mítà kan àbọ̀ péré ló yọ kúrò.

Ká wá gbé e wọ inú balùwẹ̀ gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ ilé oníyàrá kan àti pálọ̀, balùwẹ̀ kì í ju mítà 1.5 ní ìbú àti 1.8 ní gígùn lọ. Bí a bá lẹ táìlì dé mítà 2.4 sókè, tí a sì yọ ojú ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, ohun tó kù láti lẹ yóò tó mítà 14 níbùú lóròó. Bí a bá fi oní 25 sí 40 lẹ̀ ẹ́, ìlà ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 91. Bó bá jẹ́ oní 30 sí 60, ó di mítà 70. Ẹni tó bá fi mòsáíìkì bo gbogbo rẹ̀ nítorí pé ó rí i nínú àwòrán ilé ìtura kan, yóò ní ìlà tó lé ní kìlómítà kan láti máa fọ̀, nínú yàrá tí èèyàn méjì kò lè dúró sí kí wọ́n má fara kan ara wọn.

Mítà 21 tó wà láàárín oní 25 sí 40 àti oní 30 sí 60 dà bí ohun ńlá, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ògiri ló ń dọ̀tí bákan náà. Ara ògiri tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lè lo oṣù mẹ́ta kí nǹkan kan má ṣe é ju eruku lọ. Igun tí a ti ń wẹ̀ ni omi àti ìfófò ọṣẹ ti ń ta sí ògiri. Ká ní igun náà gba sẹ̀ǹtímítà 90 lára ògiri kan àti 90 lára èkejì, tó sì ga dé mítà 2. Ìlà tó wà níbẹ̀ jẹ́ mítà 23 bó bá jẹ́ oní 25 sí 40, àti mítà 18 bó bá jẹ́ oní 30 sí 60. Gbogbo ohun tí táìlì ńlá fi gbà wá lọ́wọ́ iṣẹ́ ní ibi tí iṣẹ́ wà kò ju mítà 5 lọ. Ìyẹn kò ju kí èèyàn fa búrọ́ọ̀ṣì gba gígùn ògiri gígùn yẹn nígbà mẹ́ta lọ.

Bí èèyàn bá lówó lọ́wọ́ tó sì fẹ́ràn ńlá, kí ó rà á. Àmọ́ ohun mìíràn wà tó ṣe pàtàkì ju ìwọ̀n lọ, tí kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: bí táìlì ṣe dúró lára ògiri. Àwọn ìlà tó lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kì í gba omi dúró. Omi á ṣàn gba ara wọn, ó á sì lọ. Àwọn tó dùbúlẹ̀ ni wàhálà wà lára wọn, nítorí pé gíráòtù sábà máa ń rì díẹ̀ sínú ju ojú táìlì lọ, etí táìlì ìsàlẹ̀ á sì di pèpéle tóóró tí omi ọṣẹ ń jókòó sí títí yóò fi gbẹ mọ́ ọn. Ẹ wo balùwẹ̀ èyíkéyìí tó ti pẹ́ díẹ̀, ìlà tó dùbúlẹ̀ lẹ máa rí pé ó kọ́kọ́ dúdú.

Bí a bá gbé táìlì oní 30 sí 60 dùbúlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí kí yàrá lè dà bí èyí tó fẹ̀, igun ìwẹ̀ wa yóò ní ìlà ìdùbúlẹ̀ tó tó mítà 12. Bí a bá gbé táìlì yẹn kan náà dúró, mítà 6 ni. Bí a bá wá gbé oní 25 sí 40 dúró, mítà 9 ni. Táìlì kékeré tó dúró ṣe dáadáa ju ńlá tó dùbúlẹ̀ lọ nìyẹn. Èmi ò mọ ẹni tó ń tajà tó máa ń sọ èyí fún oníbàárà, bóyá nítorí pé kò sí èrè kankan fún un níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbú ìlà ló kàn. Àwọn tó ń lẹ táìlì ní rọ́bà kékeré kan bí agbélébùú tí wọ́n ń fi sáàárín táìlì kí ìlà lè dọ́gba, sípésà ni wọ́n ń pè é. Ó wà ní mìlímítà 2, ó wà ní 3, ó wà ní 5. Bí a bá fi oní 30 sí 60 lẹ ògiri tí a sì fi sípésà oní mìlímítà 5 sí i, gíráòtù tó máa hàn síta jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 250 níbùú lóròó lórí mítà kan níbùú lóròó. Bí a bá fi oní 25 sí 40 lẹ̀ ẹ́, tí sípésà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2, gíráòtù tó hàn kò ju 130 lọ. Táìlì kejì yìí ló kéré, síbẹ̀ ohun tó lè mu ìdọ̀tí lára ògiri rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti èkíní.

Ṣé ká wá so wọ́n pọ̀ pátápátá, kí ìlà má sí rárá? Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti táìlì kan mọ́ ìkejì títí wọn yóò fi fara kanra, wọ́n á wá fi gíráòtù pa á lójú lásán. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá parí iṣẹ́, ó máa ń lẹ́wà. Ṣùgbọ́n táìlì kì í dọ́gba tán. Nínú páálí kan ṣoṣo, èyí lè fi ìdajì mìlímítà gùn ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń fara kan ara wọn níbì kan ni àyè tóóró yóò máa ṣí sílẹ̀ níbòmíràn. Gíráòtù kò lè wọ àyè bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló máa lẹ̀ mọ́, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi fọ́ wẹ́wẹ́. Omi á gba ibẹ̀ wọ ẹ̀yìn táìlì, ìlà dúdú tín-ín-rín yóò yọ, tí búrọ́ọ̀ṣì kankan kò ní lè dé ìdí rẹ̀. Ìlà tó há jù ṣòro fọ̀ ju ìlà tó fẹ̀ lọ.

Ohun tó máa pinnu bóyá mìlímítà 2 ṣeé ṣe ni etí táìlì. Àwọn kan wà tí iléeṣẹ́ gé etí wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti jáde nínú iná; etí wọn mú ṣánṣán, wọ́n sì dọ́gba. Mìlímítà 2 bá irú wọn mu. Àwọn tí etí wọn rí róbótó díẹ̀, tí a kò gé lẹ́yìn iná, nílò 3 ó kéré tán. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ẹyọ kan látinú páálí kan àti ẹyọ kan látinú páálí mìíràn, ẹ kọjú wọn síra, kí ẹ sì fi ìka gba etí wọn yí po. Ẹ wá yí ọ̀kan padà, kí orí rẹ̀ di ìdí, ẹ tún fọwọ́ gba etí wọn. Bí ìka yín bá kọ́ níbì kankan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìlà oní mìlímítà 2 tàn yín.

Ìkìlọ̀ kékeré kan tún wà lórí ìwọ̀n. Ògiri tó gùn ní mítà 1.8 yóò gba táìlì 7 tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25, yóò sì ku sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹni tó ń kánjú yóò bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, yóò wá gé pẹ́lẹ́bẹ́ oní sẹ̀ǹtímítà 5 sí igun kejì. Ìlà méjì á wá sún mọ́ ara wọn níbi tí ọwọ́ ti há jù lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ láti àárín: táìlì 6 tó pé, àti ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Nínú igun gan-an, níbi tí ògiri méjì ti pàdé, sílíkọ́ọ̀nù ló yẹ kí wọ́n fi dí i, kì í ṣe gíráòtù, nítorí ògiri máa ń mira díẹ̀, gíráòtù tó le yóò sì sán níbẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ yìí, ohun tí wọ́n fi dí ìlà ló máa gbé e ró tàbí kó bà á jẹ́. Níbi iṣẹ́ púpọ̀, bó bá ti ku ìlà dídí, ẹ máa gbọ́ pé, "Ẹ jẹ́ ká fi sìmẹ́ńtì funfun ṣe é, ọ̀kan náà ni wọ́n." Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Sìmẹ́ńtì funfun tí a pò mọ́ omi lásán máa ń sún kì bó bá ń gbẹ, á sán, á sì ní ihò kéékèèké tí ojú kò rí. Gíráòtù tí wọ́n ń tà nínú àpò náà ní sìmẹ́ńtì nínú, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi èròjà mìíràn sí i tó ń mú un lẹ̀ dáadáa, tó sì ń dín mímu omi rẹ̀ kù. Síbẹ̀, òun náà ṣì ń mumi díẹ̀.

Mímu omi yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ọ̀rá ara àti ọṣẹ á bá omi wọ inú àwọn ihò náà, omi á kúrò díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá á kù. Ohun dúdú tó máa ń bu sára ògiri ń rí oúnjẹ àti ọ̀rinrin lójú kan náà. Bí omi ilé bá jẹ́ ti bọ́họ̀ọ̀lù tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, ó lè mọ́ kedere nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, irin inú rẹ̀ á di ìpẹtà, á sì kun ìlà ní àwọ̀ bí ilẹ̀ pupa. Nítorí irú omi bẹ́ẹ̀ ni n kò ṣe gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi gíráòtù funfun sí igun ìwẹ̀. Dúdú náà kò dára tó bí wọ́n ṣe rò, nítorí ìyókù ọṣẹ máa ń hàn lára rẹ̀ ní funfun. Eérú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni mo fara mọ́. Kò dín ìdọ̀tí kù, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí èèyàn sáré gbé búrọ́ọ̀ṣì nígbà tí kò tíì yẹ.

Ẹ lè fi omi díẹ̀ dán gíráòtù ilé yín wò. Ẹ jẹ́ kí balùwẹ̀ gbẹ dáadáa, kí ẹ wá kán omi kan sórí ìlà. Bí ibẹ̀ bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ó ń mumi. Bí omi bá dúró bí ìlẹ̀kẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ṣì dára. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ họ ọ́ jẹ́jẹ́. Bí ìyẹ̀fun bá ń dà sílẹ̀, omi tí wọ́n fi pò ó ti pọ̀ jù, tàbí kí ó jẹ́ pé áàsìdì ti jẹ ẹ́.

Gíráòtù kan wà tí kì í mumi rárá, ẹ́pọ́sì ni. Ó máa ń wá ní ọ̀nà méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ lójú iṣẹ́, kò sì sí sìmẹ́ńtì nínú rẹ̀. Ọṣẹ àti ìpẹtà kò rí ihò wọ̀ lára rẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè lẹ̀ mọ́, fóòmù lásán ló sì ń nù wọ́n kúrò. Ó wọ́n gan-an ju ti sìmẹ́ńtì lọ, ìyẹn ló ń lé àwọn èèyàn sá. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo ìṣirò wa. Igun ìwẹ̀ tí a lẹ oní 25 sí 40 sí, tí táìlì rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 8, tí ìlà rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 3, kò gbà ju nǹkan bíi kílò kan lọ. Ẹ fi ẹ́pọ́sì sí igun yẹn nìkan, kí ẹ fi ti sìmẹ́ńtì aláwọ̀ kan náà dí ìyókù, kí àlà wọn wà lójú ìlà kan ṣoṣo tó lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní tèmi, owó tí èèyàn fẹ́ fi ra táìlì oní 60 sí 120, ibí yìí ni kó ná an sí. Kí ẹ kàn rí i pé ẹni tó máa ṣe é ti lò ó rí, nítorí nínú ooru wa ó máa ń tètè le, èyí tí kò bá sì tètè nù kúrò lójú táìlì yóò gbẹ mọ́ ọn bí kùrukùru tí kì í lọ.

Nǹkan kan tún wà lọ́jà báyìí tó ń tú gbogbo ètò yìí ká: táìlì ògiri tí ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun bí òkúta, tàbí tí wọ́n ti fa ìlà èké sí lójú kó lè dà bíi kéékèèké mélòó kan. Nínú páálí, oní 30 sí 60 ni. Lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ̀ ọ́, mòsáíìkì ni, nítorí gbogbo kòtò ojú rẹ̀ ló ń gba ìfófò ọṣẹ dúró. Ó lè wà ní pálọ̀.

Ní ti fífọ̀ rẹ̀, ohun tó ń ba gíráòtù jẹ́ jù lọ ni oògùn tí àwọn èèyàn fi ń wò ó sàn. Omi tí wọ́n ń dà sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kó lè funfun sábà máa ń ní áàsìdì nínú. Bí a bá dà á sórí ìlà, á funfun lóòótọ́, nítorí pé áàsìdì ti jẹ ojú sìmẹ́ńtì náà kúrò pẹ̀lú ìdọ̀tí tó wà lára rẹ̀. Ojú tuntun tó yọ rí hánrunhànrun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì tún rì sínú sí i. Ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á dì mọ́ ọn ju ti ọ̀sẹ̀ yìí lọ. Ẹni náà á wá ra ìgò ńlá nígbà mìíràn. Ọṣẹ ìfọṣọ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí a fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gba orí ìlà, tó fún ọ̀pọ̀ ìdọ̀tí. Ohun dúdú tó bá kọ̀ tí kò lọ, omi háípò tí a bù là lè pa á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da háípò àti omi alá-áàsìdì pọ̀ láé, tàbí kí ẹ da ọ̀kan tẹ̀lé èkejì láìfi omi ṣan ibẹ̀ dáadáa. Èéfín tó máa jáde lè pa èèyàn nínú yàrá kékeré bẹ́ẹ̀.

Bí ìlà bá ti bàjẹ́ kọjá fífọ̀, àwọn kan máa ń po gíráòtù tuntun, wọ́n á fi pa orí tàtijọ́. Kì í pẹ́ tó fi ń ṣí, nítorí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lásán ló wà lórí ohun tó kún fún ọ̀rá. Ó yẹ kí wọ́n fi ayùn kékeré họ ti àtijọ́ kúrò títí dé ìdá méjì nínú mẹ́ta ìnípọn táìlì. Fún táìlì oní mìlímítà 8, ìyẹn lé díẹ̀ ní 5. Kí wọ́n gbọn eruku rẹ̀ nù, kí wọ́n fi omi tu ìlà lára díẹ̀, kí wọ́n wá fi pákó onírọ́bà tẹ tuntun wọlé ní ìdábùú, kó lè kún dé ìdí. Bó bá ti ń le díẹ̀, lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n fi fóòmù tí wọ́n ti fún dáadáa nù ún. Fóòmù tí omi ń kán lára rẹ̀ máa ń fọ gíráòtù jáde nínú ìlà, ibẹ̀ sì ni pèpéle omi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ kan ó kéré tán. Bí ẹ bá ní ibòmíràn tí ẹ lè máa wẹ̀, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mẹ́ta.